Ère Amọ̀ Tí Kò Ní Sán: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ibùjẹ Ẹran Kérésìmesì Fún Ilé

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ibùjẹ ẹran Kérésìmesì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kíríìbù. Ilé ẹran kékeré ni, tí a to Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ tuntun àti àwọn ẹran sínú rẹ̀, tí a sì gbé sí igun pálọ̀ nígbà ọdún.

Àwa tí a wà ní ilé ìgbé máa ń ní ìṣòro méjì tí ẹni tó wà nílé kò ní. Èkíní, a gbọ́dọ̀ mọ ọ́n, kó gbẹ, ká sì kùn ún kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi. Èkejì, a ó gbé e wọ ọkọ̀ lọ sílé, ọ̀nà wa sì jìn. Ẹ wá fi ọyẹ́ òkè Ọya kún un. Ọyẹ́ níbí kì í ṣe eré o. Aṣọ tí a sá láàárọ̀ ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń gbẹ amọ̀ ní ìgbẹkúgbẹ, títí ọrùn Jósẹ́fù á fi já.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa: bí a ṣe lè mọ ère amọ̀ tí kò ní sán, láìsí ààrò amọ̀kòkò, tí yóò sì dé ilé láyọ̀.

Àwọn wo ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Kí ọwọ́ tó kan amọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ iye ère tí a fẹ́. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kejì, ohun tí a rí ni Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ tí a fi ọ̀já wé tí a sì tẹ́ sí ibùjẹ ẹran, àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn áńgẹ́lì. Lúùkù kò dárúkọ màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan. Ìwé Àìsáyà, orí kìíní, ẹsẹ kẹta, ni àwọn Kristẹni àtijọ́ ti mú àwọn ẹran méjèèjì yìí, nítorí ibẹ̀ ni a ti sọ pé màlúù mọ olówó rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mọ ibùjẹ olúwa rẹ̀.

Mátíù ló sọ̀rọ̀ àwọn amòye láti ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ̀bùn mẹ́ta tí wọ́n mú wá ló jẹ́ kí àwọn èèyàn ka àwọn náà sí mẹ́ta. Mátíù tún sọ pé inú ilé ni wọ́n wọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé kan fi máa ń gbé àwọn amòye sí ọ̀kánkán, lórí tábìlì mìíràn, tí wọ́n á máa sún wọn mọ́tòsí díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ 6 oṣù Kìíní.

Nígbà tí Fransíìsì ti Àsísì ṣe tirẹ̀ ní ìlú Gírẹ́ṣíò, ní ilẹ̀ Ítálì, ní Kérésìmesì ọdún 1223, ibùjẹ ẹran, koríko gbígbẹ, màlúù kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó wà láàyè ló kó jọ. Èyí fi hàn pé kò pọn dandan kí ère pọ̀ kí ìtàn náà tó yé èèyàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mọ mẹ́ta péré: Jósẹ́fù, Màríà àti ọmọ. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kún un. Àwa tí a wà lókè Ọya kò nílò àwòrán rẹ̀ láti wò, ó ń rù igi kọjá níwájú géètì wa lójoojúmọ́.

Kí ló dé tí amọ̀ fi ń sán?

Amọ̀ tútù kún fún omi. Bí omi bá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ara amọ̀ ṣe ń fún pọ̀, a ní ó súnkì. Bí gbogbo ara ère bá súnkì lẹ́ẹ̀kan náà, kò séwu. Ìjà máa ń dé nígbà tí apá kan bá ti súnkì tán tí apá kejì kò tíì ṣe é. Awọ òde á fẹ́ fún, inú á ní òun kò tíì ṣetán, awọ òde á wá fà ya.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fa ìjà yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ara ère kò dọ́gba: ibì kan nípọn bí ọwọ́ àtàǹpàkò méjì, ibì kejì tín-ín-rín bí bisikíìtì. Èkejì ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń lù ú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀kẹta ni ohun líle tí a fi sínú rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan mọ Jósẹ́fù ní ọdún tó kọjá. Ó ki igi sùyá bọ àárín rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ kí ère má bàa wọ́. Ó dúró dáadáa lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó là láti àyà dé ìsàlẹ̀ lójú kan náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Amọ̀ ń súnkì, igi kò súnkì, amọ̀ kò sì ríbi lọ. Amọ̀ rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Igi yẹn ló ṣe é. Bí a bá fẹ́ fi igi gbé ère dúró nígbà tí ó ṣì rọ̀, a gbọ́dọ̀ fa igi náà yọ ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà tó sàn jù ni ti àwọn amọ̀kòkò wa. Ìkòkò ńlá kì í sán bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ sì dọ́gba yíká. Nítorí náà, a ó mọ Jósẹ́fù bí ìkòkò. Agbádá gígùn á bo ibi tí ẹsẹ̀ ìbá wà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé inú bàbá ṣófo.

Yíyẹ amọ̀ wò

Ẹ wa amọ̀ ní etí odò tàbí ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Ẹ sá a gbẹ, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ sì fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ kí òkúta àti gbòǹgbò lè kúrò. Bí ó bá silẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ tú èyí tó kù sórí aṣọ nínílẹ̀ títí yóò fi le tó èyí tí a lè pò. Ẹ pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ẹ máa gé e sí méjì, ẹ máa wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá ń rí ihò afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ẹ ṣì tún un pò.

Ẹ wá yí i bí okùn tó nípọn bíi pẹ́ńsù, kí ẹ sì wé e mọ́ ìka. Bí kò bá là, ó dáa. Bí ó bá là káàkiri, iyanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ wá amọ̀ mìíràn. Bí ó bá sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin, tó ń yọ̀, amọ̀ náà máa súnkì jù. Ẹ gún àpáàdì kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ pò ó mọ́ ọn: ìwọ̀n ife kan sí ife amọ̀ mẹ́fà. Àpáàdì ti kọjá nínú iná, kò ní súnkì mọ́, èyí á sì dín ìfúnpọ̀ gbogbo rẹ̀ kù.

Ìdánwò kan ṣì kù, rúlà la ó fi ṣe é. Ẹ tẹ́ amọ̀ bí bisikíìtì gígùn, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 gẹ́ẹ́ sí i lórí. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ tún ìlà náà wọ̀n. Amọ̀ etí odò tí a lò lọ́dún tó kọjá di 9.3. Ìyẹn ni pé nínú 100, ó pàdánù 7.

Kí wá ni a fẹ́ fi nọ́ńbà yìí ṣe? Bí a bá fẹ́ kí Jósẹ́fù ga ní sẹ̀ǹtímítà 14 nígbà tó bá gbẹ, a ó pín 14 pẹ̀lú 0.93. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 15 àti díẹ̀. Nítorí náà, 15 ni ká mọ ọ́n nígbà tó tutù. Amọ̀ tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Mímọ Jósẹ́fù

Ẹ mú amọ̀ tó tó ọsàn ńlá kan, ẹ yí i róbótó. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ láàárín, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò nínú àti ìka lóde fún un yíká, bí ẹni ń mọ ìṣà kékeré. Ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń fún un, kí ibì kan má bàa tín-ín-rín ju ibì kan lọ. Kí ara rẹ̀ nípọn bíi pẹ́ńsù, nǹkan bíi mílímítà 8. Bí ó bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 11, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Ó ti di agogo, agbádá Jósẹ́fù nìyẹn. Ẹ rọra fún òkè rẹ̀ pọ̀ kó di èjìká, ẹ sì lu ihò kan síbẹ̀ tí ìka kékeré lè wọ̀.

Orí ló kàn. Ẹ yí amọ̀ tó tó àgbálùmọ̀ kékeré kan, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ lè ní orí yìí ti tóbi jù fún ara tó jẹ́ 11. Kò tóbi jù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń gbẹ́ ère láti ọjọ́ tó ti pẹ́: orí máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin gbogbo gíga ère, nítorí orí ni olórí ara. Ṣùgbọ́n orí tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbẹ ju ara lọ, nítorí náà, ẹ ti ìdí pẹ́ńsù láti ìsàlẹ̀ ọrùn wọ inú orí kó lè ṣófo díẹ̀. Ihò orí á pàdé ihò èjìká, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra níbi tí orí ti pàdé èjìká, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ère ti ń kú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú méjèèjì láhalàha, ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ omi bí ògì ra á, kí ẹ tó tẹ ọ̀kan mọ́ èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi yí ọrùn ká bí ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tẹ́ ẹ wọ ara òkè àti ìsàlẹ̀. Amọ̀ tí a kàn gbé lé orí amọ̀ láìha á, tí a kò sì fi ògì amọ̀ ra á, á ṣí kúrò dandan.

Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ nà síta. Ọwọ́ tó nà síta á yára gbẹ ju ara lọ, á sì kán nínú ọkọ̀. Ẹ yí amọ̀ bíi pẹ́ńsù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Bí ẹ bá fẹ́ kó di ọ̀pá mú, ẹ fi igi sùyá lu ihò sí ìkúùkù rẹ̀, kí ẹ sì yí igi náà kí ihò fẹ̀ díẹ̀. Ihò náà yóò súnkì, bí ara yòókù ṣe máa súnkì. Ẹ yọ igi náà, ẹ má dá a padà títí ère á fi gbẹ.

Màríà àti ọmọ

Agogo kan náà ni Màríà, àmọ́ òun jókòó, nítorí náà ẹ mú kó kúrú kó sì fẹ̀. Bí ara bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 6 tí orí jẹ́ 4, ó ti tó. Ìró rẹ̀ á bo ẹsẹ̀ tó ká sábẹ́. Gèlè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi amọ̀ tí a dì lé orí, àfi amọ̀ pẹlẹbẹ tí a wé bí aṣọ.

Ọmọ ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì mọ. Wọ́n á mọ ọmọ tuntun tó tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọmọ tuntun gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, ọkùnrin tó ti dàgbà sì ga tó nǹkan bí 170. Ọmọ kò tó ìdá mẹ́ta bàbá rẹ̀. Bí Jósẹ́fù bá wá jẹ́ 14, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4. Ẹ mọ ọ́n bí ẹ̀kọ tí a pọ́n, ọ̀já ti wé e, ojú nìkan ló hàn. Nítorí pé kò nípọn ju ìka lọ, kò sídìí láti jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo. Ibùjẹ ẹran tí a ó tẹ́ ẹ sí kò gbọ́dọ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Igi wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe amọ̀.

Bí a ṣe ń gbẹ ẹ́ nígbà ọyẹ́

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Níbi iṣẹ́ amọ̀, òfin ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ère wà lórí ìwé ìròyìn ìpele méjì, kó má wà lórí pákó lásán. Bí ìdí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ pákó, kò ní lè súnkì, ìdí á sì là. Ìwé á tẹ̀lé e bí ó bá ṣe ń fún pọ̀.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀rá bò ó pátápátá, inú páálí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé e sí ojú fèrèsé. Bí ẹ bá ṣí i ní ọjọ́ kẹta, ó yẹ kó ti le bíi wàrà tó ti dì: ìka kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ṣì lè gé e. Ìgbà yìí ni kí ẹ gé ohun tó pọ̀ jù lára rẹ̀, kí ẹ fín ojú, imú àti ẹnu sí i. Ẹ wo inú agogo náà pẹ̀lú, bí ibì kan bá nípọn, ẹ fi ṣíbí ha á.

Láti ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, ẹ máa ṣí ọ̀rá náà ní ìwọ̀n wákàtí kan láàárọ̀ àti kan lálẹ́, kí ẹ sì yí ère padà kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa ṣáájú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọrùn àti ọwọ́ ló máa ń yára gbẹ. Bí ẹ bá rí i pé àwọ̀ wọn ti ń ṣí nígbà tí ara ṣì dúdú, ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ wé wọn. Láti ọjọ́ keje, ẹ lè ká ọ̀rá kúrò pátápátá, kó wà nínú páálí tí a kò dé. Bí ara rẹ̀ bá nípọn bíi pẹ́ńsù, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 10 sí 14 kó tó gbẹ.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ má wo òde nìkan. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá tutù ju igi tàbí ìwé tó wà nítòsí rẹ̀ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ilé ìdáná bá sì lè yá wa ní òṣùwọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó gbẹ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń wo ààrò ilé ìdáná, ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ má ju ère sínú iná. Omi tó bá kù nínú amọ̀ á di oru, oru náà á wá ọ̀nà jáde, ère á bú gbàù, àpáàdì gbígbóná á sì fò mọ́ni lójú. Kí amọ̀ tó lè di ohun tí omi kò lè tú mọ́, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 600 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kó sì yí i ká dọ́gba. Iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò nìyẹn, bí àwọn ìyá tó wà ní Dada ní Ìlọrin. Ère tiwa kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Bí omi kò bá kàn án, gbígbẹ lásán ti tó.

Bí ó bá sán ńkọ́?

Ibi tí ó ti sán ló máa sọ ohun tó fà á. Bí ọrùn bá là yíká, a kò ha á dáadáa kí a tó lẹ̀ ẹ́. Bí ìdí bá là sókè, ó ti lẹ̀ mọ́ pákó. Bí ó bá là gbọọrọ lójú kan, ẹ wo inú rẹ̀, ohun líle kan wà níbẹ̀. Bí ó bá là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀rùn, ọyẹ́ ló yára mú un.

Ẹ má fi amọ̀ tútù dí i o. Amọ̀ tútù náà á súnkì, á sì tún ṣí lọ́jọ́ kejì. Ẹ lọ amọ̀ gbígbẹ kan náà kúnná, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà láìbu omi sí i, ẹ fi tì í wọ inú ibi tó là, kí ẹ sì fi yanrìn pépà ra á bí ó bá gbẹ. Àmọ́ bí ibi tó là bá gba ìpẹ́ èékánná, ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi kí ẹ tún un mọ. Amọ̀ tí kò tíì rí iná kì í ṣòfò.

Ọ̀dà àti aṣọ

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ra gbogbo ara ère níwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan. Kí búrọ́ọ̀ṣì má rin jù, omi á tú ojú amọ̀. Bí ìyẹn bá gbẹ, ẹ wá fi àwọ̀ tó wù yín lé e.

Irú aṣọ wo ni ká wọ̀ fún wọn? Láàárín ọdún 1947 sí 1954, Fadá Kẹ́fíìn Kárọ̀lù bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére bíi Jọ́ọ̀jì Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì-Ìlọrin, àti Làmídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Yorùbá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọn amòye inú iṣẹ́ wọn sì wọṣọ bí ọba ilẹ̀ wa. Nítorí náà, bí ẹ bá wé gèlè fún Màríà, ẹ kò ṣe ohun tuntun. Olùṣọ́-àgùntàn tiyín náà sì lè dé fìlà koríko àwọn Fúlàní.

Bí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ gidi bò wọ́n, ẹ wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti gbó, bí áńkáṣíìfù. Òfì dára, ṣùgbọ́n ó nípọn jù fún ère kékeré, kò ní wó, á dúró gan-an bí páálí. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú sítáàṣì. Ẹ má wọ̀ ọ́ fún ère lójú ẹsẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ á rọ amọ̀. Ẹ wá ìgò kékeré tó tóbi tó ère, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ wọ aṣọ fún ìgò, ẹ to ojú ìwó rẹ̀ bó ṣe wù yín. Bí ó bá le tán lọ́jọ́ kejì, ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ gbé e wọ ère.

Ilé ẹran

Èyí kò le. Ẹ jẹ́ kí Jósẹ́fù sọ bí ilé ṣe máa ga tó. Bí ó bá jẹ́ 14, kí iwájú ilé ga ní 24, kí ẹ̀yìn jẹ́ 18, òrùlé á sì dà sẹ́yìn. Páálí indomí kan ni ògiri mẹ́ta, a gé iwájú kúrò. Ẹ tò pòròpórò ọkà bàbà sí ara páálí náà, ẹ fi okùn dì í, kí ẹ sì fi bẹẹrẹ bo òrùlé, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń bo ilé gidi. Ẹ sá koríko náà sóòrùn lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa kí kòkòrò má bàa bá yín délé.

Ẹ má fi àbẹ́là sínú rẹ̀, tàbí sí iwájú rẹ̀. Koríko gbígbẹ nígbà ọyẹ́ kò dúró de ẹnì kankan. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi pamọ́ sẹ́yìn òrùlé ti tó láti tan ìmọ́lẹ̀ sójú ọmọ.

Gbígbé e lọ sílé

Kí ẹ tú òrùlé kúrò, kó wà pẹrẹsẹ. Ẹ fi àkísà rírọ̀ kún inú agogo kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ wé ère lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n sínú páálí lórí èèpo ẹ̀pà tó jìn ní ìka mẹ́ta, kí èèpo ẹ̀pà sì wà láàárín wọn. Ère kan kò gbọ́dọ̀ kan èkejì. Ẹ gbọn páálí náà díẹ̀ létí yín: bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun tó mì, ẹ ṣí i, ẹ fi èèpo kún un. Orí ẹsẹ̀ yín ni kó wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù lábẹ́ àpò gàrí.

Ẹ wá ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ 3 fún amọ̀, ọjọ́ 2 fún mímọ, ọjọ́ 14 fún gbígbẹ, ọjọ́ 3 fún ọ̀dà àti aṣọ, ọjọ́ 2 fún ilé ẹran: ọjọ́ 24 nìyẹn. Bí a bá ń gba ìsinmi ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá kí ẹ tó lọ wa amọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ère tó bá sán.

Ọ̀rọ̀ tí a lò lónìí

*Pò*: láti fi ọwọ́ da amọ̀ tàbí ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi dọ́gba.
*Súnkì*: kí nǹkan fún pọ̀, kó kéré sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.
*Àpáàdì*: ẹ̀fọ́ ìkòkò.
*Bẹẹrẹ*: koríko tí a fi ń bo òrùlé.
*Pòròpórò*: igi ọkà lẹ́yìn tí a ti kórè.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

1. Ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 di 9.2 lára amọ̀ rẹ. O fẹ́ kí Màríà ga ní sẹ̀ǹtímítà 9.2 nígbà tó bá gbẹ. Báwo ni wàá ṣe mọ ọ́n ga tó?
2. Ère ọ̀rẹ́ rẹ là ní ìdí, ó sì dára ní ọrùn. Kí ni wàá bi í?
3. Kí ló dé tí a kò fi amọ̀ tútù dí ojú ibi tó là lára amọ̀ gbígbẹ?
4. Yàtọ̀ sí àpáàdì, ohun wo ni àwọn amọ̀kòkò ìlú rẹ máa ń pò mọ́ amọ̀? Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé, kí o sì mú ìdáhùn wá ní sáà tó ń bọ̀.